Ìbéèrè tí àwòrán rẹ̀ kò bá a wá

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní girama fi ìbéèrè ìṣirò kan ránṣẹ́ sí mi. Kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè ya ojú ìwé náà, ló bá tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ránṣẹ́: "Nínú àwòrán yìí, PQRS jẹ́ tirapísíọ̀mù, PQ ∥ SR, |PQ| = 9 cm, |SR| = 15 cm, |PS| = 10 cm. Wá ẹ̀ríà rẹ̀." Ó fi kún un pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la la máa fi sílẹ̀."

Mo mú bébà, mo ya ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ nìkan. PQRS ni wọ́n pè é, nítorí náà bí lẹ́tà ṣe tò yẹn ni igun rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra yí ká. Mo fi P àti Q sókè, mo fi R sí abẹ́ Q, S sí abẹ́ P. PQ àti SR ló ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láì pàdé. PS àti QR ni ẹ̀gbẹ́ méjì tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ríà rẹ̀ ni ½ × (9 + 15) × gíga, ìyẹn 12 × gíga. Gíga yìí nìkan ló kù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ á sọ pé 10 ni gíga, wọ́n á kọ 120 cm², wọ́n á sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n 10 jẹ́ gíga kìkì bí PS bá dúró ṣánṣán lórí SR. Mo wá yà á lọ́nà mìíràn: mo jẹ́ kí QR ni ó dúró ṣánṣán, kí PS dà gẹ́gẹ́ bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Gíga di 8, ẹ̀ríà sì di 96 cm². Mo tún yà á kí PS àti QR gùn dọ́gba. Gíga di √91, ẹ̀ríà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 114.5 cm². Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo tẹ̀ lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta sì ni mo rí. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá tó máa sọ èyí tí olùkọ́ rẹ̀ ń fẹ́, àfi kí n bèèrè.

N kò sọ fún un pé kó ṣe àpèjúwe àwòrán náà fún mi, torí ọmọdé á sọ pé "ó rí bí òrùlé", ìyẹn ò sì ní ràn mí lọ́wọ́. N kò sì ní kó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àwòrán inú ìwé kì í sábà bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ohun mẹ́ta ni mo bèèrè: ṣé àpótí kékeré wà ní igun S tàbí R, èyí tó ń fi hàn pé igun náà jẹ́ dígírì 90? Ṣé ìlà kékeré gé PS àti QR láàárín, èyí tó ń fi hàn pé wọ́n dọ́gba? Ṣé nọ́ńbà kankan wà lára QR? Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó mi.

Ó dáhùn: "Kò sí àpótí, kò sí ìlà kékeré. 3 ló wà lára QR."

Mo fa ìlà kan láti P wá sílẹ̀, kí ó máa bá QR lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títí ó fi kan SR ní T. TR jẹ́ 9 bíi PQ, torí náà ST jẹ́ 6. PT sì gùn bíi QR gan-an. Ìyẹn ni pé onígun mẹ́ta PST ní ẹ̀gbẹ́ 10, 6 àti 3. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta sí ìwọ̀n yẹn, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì: 6 àti 3 dé 9 péré, orí wọn kò lè pàdé lórí èyí tó gùn tó 10. QR gbọ́dọ̀ ju 4 lọ, kó má sì tó 16. Mo sọ fún un pé kó tún nọ́ńbà náà wò dáadáa.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá. "Àǹtí, ẹ má bínú. 8 ni. Ìwé náà ṣẹ́po níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti pa rẹ́."

Pẹ̀lú 8, n kò nílò àpótí kankan mọ́. 6² + 8² = 100 = 10², èyí tó túmọ̀ sí pé igun T jẹ́ dígírì 90, igun R náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí QR àti PT ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 8 ni gíga, ẹ̀ríà sì jẹ́ 12 × 8 = 96 cm².

Mo ní kó tún un yà fúnra rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kó tó kọ ìdáhùn. Nígbà tó ka iṣẹ́ rẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó sọ pé òun ti fi àpótí kékeré sí igun R.