Igi òdo kì í ṣe igi ìdáná: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò tírọ́ọ̀sì òrùlé

Àwọn kápíńtà ní Bàrígà ti sọ mí ní Bàbá Òdo. Wọ́n ní bí mo bá ti rí igi òdo, ìyẹn igi tí ìṣirò ní kò gba agbára kankan, tí wọ́n fi bírò pupa fagi lé nínú àwòrán òrùlé, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Kò burú. Òrùlé tí wọ́n ń tú palẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kan páànù tán ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ariwo.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà oríkèé níbí. Ẹ ti mọ̀ pé oríkèé kọ̀ọ̀kan la máa ń dá yẹ̀ wò, pé agbára tó wà ní ìbú gbọ́dọ̀ pa ara wọn rẹ́, kí ti òró náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Tírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni màá lò. Ó fẹ̀ ní mítà 8, ó ga ní mítà 3. A jókòó lórí ògiri òsì, C lórí ti ọ̀tún, D ni ṣóńṣó. B wà láàárín igi ìsàlẹ̀, òpó àárín ló so òun àti D pọ̀. Ráftà kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 5. E wà láàárín ráftà òsì, F láàárín ti ọ̀tún, igi ìtì kan sì ti B lọ bá E, èkejì ti B lọ bá F. Oríkèé mẹ́fà, igi mẹ́sàn-án.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: bíbẹ̀rẹ̀ láti B. Igi márùn-ún ló pàdé níbẹ̀, ìdọ́gba méjì péré lẹ sì ní. Ẹ ti A bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì: gbígbàgbé ògiri. Ẹnì kan wò mí lójú, ó ní igi méjì ló wà ní A, kò sí ẹrù lórí rẹ̀, nítorí náà òdo ni méjèèjì. Ògiri tó ń ti A sókè ńkọ́? Ṣé ó lọ kí àwọn ará ilé ni?

Ìkẹta: yíyí ọfà padà láàárín iṣẹ́. Ẹ mú un pé gbogbo igi là ń fà. Èyí tó bá jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ìfúnpọ̀ ló ń gbà. Ó parí.

Èyí tó ń gbé mi nínú wá nìyí. Ọmọkùnrin kan tó ń yàwòrán fún lánlọ́ọ̀dù kan ní ìtòsí wa gbọ́ tí bàbá náà ń ráhùn pé pákó ti wọ́n jù ní Òkò Bàbá. Ó lọ jókòó, ó kó gbogbo ẹrù òrùlé, 6 kN, lé orí D. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àbùkù, mo tún un ṣe. Ògiri kọ̀ọ̀kan gbé 3 kN. Ráftà ga sókè ní mítà 3 nínú gígùn mítà 5, nítorí náà AE gba ìfúnpọ̀ 5 kN, igi ìsàlẹ̀ AB sì gba ìfà 4 kN. Ó dé E: AE àti ED wà lórí ìlà kan náà, kò sí ẹrù níbẹ̀, igi kẹta kò rí ohun tí yóò bá jà. EB di òdo. FB náà di òdo. Nígbà tí ìtì méjèèjì ti kúrò nílẹ̀, AB àti BC nìkan ló kù sórí ìlà kan ní B, òpó àárín náà bá di òdo. Igi mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án! Ó fi bírò pupa fagi lé wọn nínú gbogbo tírọ́ọ̀sì ilé náà, lánlọ́ọ̀dù sì súre fún un.

Ṣùgbọ́n pọ́lìn, igi tí wọ́n ń kan páànù mọ́, wà lórí E. Pọ́lìn wà lórí F. Ibi tí pọ́lìn bá jókòó sí ni ẹrù páànù ń gbà wọlé, kì í ṣe ibi tó wù wá. Ẹ pín 6 kN yẹn bó ṣe yẹ: 2 lórí E, 2 lórí D, 2 lórí F (èyí tó bọ́ sí etí òrùlé, ògiri ló gbà á tààrà). Ní A, kò sí ohun tó yí padà: AE ṣì jẹ́ 5, AB ṣì jẹ́ 4. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá yẹ A wò nìkan ò ní fura. Ní E ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ED àti EB dúró fún ìfúnpọ̀ inú igi méjèèjì:

```
Ìbú:  ED + EB = 5
Òró:  ED - EB = (3 - 2) / 0.6 = 1.67
```

ED jẹ́ 3.33, EB jẹ́ 1.67. Ẹ gun D: ráftà méjèèjì ń ti ṣóńṣó sókè pẹ̀lú 4 kN, ẹrù orí rẹ̀ sì jẹ́ 2 péré. 2 tó kù, òpó àárín ló ń fà á sílẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí B kí ẹ fi yẹ ara yín wò: ìtì méjèèjì ń ti B sílẹ̀ pẹ̀lú 2 kN, òpó sì fà á sókè pẹ̀lú 2. Ó dọ́gba. Igi mẹ́ta tí wọ́n lé kúrò, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ilé náà ńkọ́? Nígbà tí ìtì kò sí, pọ́lìn di ẹrù tó jókòó sí àárín ráftà tó gùn ní mítà 5, ráftà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Páànù rọ̀ níbẹ̀, ìṣó rẹ̀ tú, òjò wọlé, POP bàjẹ́. Lánlọ́ọ̀dù tún ra pákó tó ti yọ kúrò, ó san owó títú, ó san owó POP lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó súre ọjọ́sí, èpè ni wọ́n ń ṣẹ́.

Ká tilẹ̀ ní kò sí pọ́lìn lórí E, tí òdo EB jẹ́ òdo tòótọ́. Igi tó ń gba ìfúnpọ̀ lè tẹ̀ kó yẹ̀ kúrò, bí ẹ bá sì sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹrù tó máa mú un yẹ̀ yóò di ìdá mẹ́rin èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ìtì ló ń sọ ráftà mítà 5 di mítà 2.5 méjì, kó má bàa yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Òdo tí ẹ rí, ti ẹrù tí ẹ kó lé e lọ́jọ́ yẹn nìkan ni. Bí ìjì láti ọ̀sà bá fa páànù sókè ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, EB tó ń gba ìfúnpọ̀ yóò di igi tí wọ́n ń fà, ìṣó orí rẹ̀ ló sì máa jẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣó ló mú mi rántí òpó àárín. Nítorí pé ó dúró ṣánṣán, wọ́n máa ń rò pé ó ń gbé ṣóńṣó dúró lórí igi ìsàlẹ̀, kápíńtà á bá kan ìṣó méjì péré sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Rárá o. Ó ń fi D gbé B dúró ni. Ẹ so síílìn tó wúwo tó 1.2 kN mọ́ B, ìfà inú òpó yóò kúrò ní 2, yóò di 3.2, ìtì kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ bo oríkèé B níwájú àti lẹ́yìn, kí ìṣó gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, kí ẹ sì ṣe bákan náà ní D. Bí kápíńtà bá ní òpó kì í já bọ́ láti òkè, ẹ ní kó bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń so fáànù.