Lẹ́ńsì ojú kan, irinṣẹ́ méjì: bí mo ṣe ṣírò ìlọ́po maikirosíkóòpù àti tẹlisíkóòpù

Lẹ́ńsì ojú kan náà ni mo lò fún irinṣẹ́ méjèèjì, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn. Gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Lẹ́ńsì iwájú, ìyẹn èyí tó kọjú sí ohun tí à ń wò, nìkan ni mo pààrọ̀: ti maikirosíkóòpù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ti tẹlisíkóòpù jẹ́ 100. Gbogbo wọn ló yọ ikùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí maikirosíkóòpù. Mo fi ohun tí mo ń wò sí sẹ̀ǹtímítà 1.1 síwájú lẹ́ńsì, tó fi kọjá fókọ́ọ̀sì díẹ̀. Bí ó bá wọ inú fókọ́ọ̀sì, kò ní sí àwòrán kankan nínú ọ̀pá tí lẹ́ńsì ojú máa rí mú. Nínú ìṣirò yìí, v ni bí àwòrán ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì iwájú tó, m sì ni ìlọ́po rẹ̀:

```
1/v = 1/1 − 1/1.1 = 1/11
v = 11 cm
m = 11/1.1 = 10
```

Àwòrán náà ti tóbi ní ìlọ́po 10 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ lẹ́ńsì ojú. Mo wá fi lẹ́ńsì ojú sí sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́yìn àwòrán yìí, kí ojú lè wò ó láìfún ara rẹ̀ pọ̀. Ojú tó dára máa ń rí nǹkan kedere láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25, nítorí náà lẹ́ńsì ojú fún wa ní 25/5 = 5. A ó sọ méjèèjì di púpọ̀, a kì í rò wọ́n pọ̀, torí pé ohun tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ ni lẹ́ńsì ojú tún ń mú tóbi: 10 × 5 = 50. Bí a bá fẹ́ kí àwòrán ìkẹyìn wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 gan-an, lẹ́ńsì ojú yóò di 1 + 25/5 = 6, gbogbo rẹ̀ yóò sì di 60.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń kọ ọ́ báyìí: M = (L/f_o) × (25/f_e). M ni ìlọ́po gbogbo rẹ̀, f_o ni gígùn fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì iwájú, f_e sì ni ti lẹ́ńsì ojú. Àlàfo láàárín lẹ́ńsì méjèèjì jẹ́ 11 + 5 = 16, ẹni tó bá sì fi 16 sí ipò L yóò rí 80. L kì í ṣe àlàfo yẹn. Láti fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì iwájú dé ibi àwòrán àkọ́kọ́ ni a ti ń wọ̀n ọ́: 11 − 1 = 10. Ìdáhùn á wá padà sí 50.

Lórí tẹlisíkóòpù, òṣùpá ni mo fi ṣe. Igun tó gbà lójú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì dígírì, ìyẹn 0.0087 rédíánì. Lẹ́ńsì iwájú sọ ọ́ di àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 × 0.0087 = sẹ̀ǹtímítà 0.87. Ẹ wò ó dáadáa: lẹ́ńsì yìí kò mú òṣùpá tóbi rárá, ó kàn gbé àwòrán rẹ̀ kékeré wá sí ìtòsí ni. Lẹ́ńsì ojú wá jẹ́ kí a wo 0.87 yẹn láti sẹ̀ǹtímítà 5, igun náà sì di 0.87/5 = 0.174 rédíánì, nǹkan bíi dígírì 10. Láti ìdajì dígírì sí 10, ìlọ́po 20 nìyẹn, òun náà sì ni f_o/f_e = 100/5. Gígùn ọ̀pá jẹ́ 105.

Lẹ́yìn èyí mo gé fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì iwájú méjèèjì sí ìdajì. Tẹlisíkóòpù já wálẹ̀ láti 20 sí 10. Ti maikirosíkóòpù, bí àwòrán àkọ́kọ́ bá ṣì wà ní sẹ̀ǹtímítà 11, ó di 11/0.5 − 1 = 21, ní ìlọ́po 5, ó jẹ́ 105. Ohun tó dín ti ọ̀kan kù ló mú ti èkejì pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Nítorí náà, bí tẹlisíkóòpù yín bá jáde ní 0.05, ẹ ti yí pípín náà sódì.

Tẹlisíkóòpù ṣeé yẹ̀ wò láìlo fókọ́ọ̀sì kankan. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, kí ó má ṣe kọjú sí oòrùn láéláé, kí ẹ sì gbé bébà funfun sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.25 lẹ́yìn lẹ́ńsì ojú. Ìmọ́lẹ̀ róbótó kékeré kan yóò hàn lára rẹ̀. Bí ìbú lẹ́ńsì iwájú bá jẹ́ mìlímítà 60, róbótó yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 3: 60/3 = 20. Bí ó bá jẹ́ 2.5, ìṣirò yóò sọ pé 24, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ kíákíá. Ó ṣeé ṣe kí òrùka kan nínú ọ̀pá máa dí etí lẹ́ńsì iwájú, kí ó jẹ́ pé mìlímítà 50 péré ló ń ṣiṣẹ́. 50/2.5 ṣì jẹ́ 20.