Bí a ṣe ń ṣírò iye tí a ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù kí owó má bàa dín lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi 5,000 ránṣẹ́ sí òbí tàbí àbúrò wọn lórí fóònù, tí wọ́n á sì gbà pé 5,000 ni yóò wọ ọwọ́ onítọ̀hún. Nígbà tí ẹni náà bá dé ọ̀dọ̀ aṣojú tó ń san owó, kò ní lè gba iye yẹn pé. Owó iṣẹ́ méjì ló sábà máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: owó ìfiránṣẹ́, tí a ń yọ nínú àpò ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́, àti owó ìgbàjáde, tí a ń yọ nínú àpò ẹni tó fẹ́ sọ owó orí fóònù di owó ọwọ́. Méjèèjì ń lọ ní ìpele-ìpele: iye kan náà ni a ó san láti ìsàlẹ̀ ìpele kan dé òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó bá fi ẹyọ kan péré kọjá òkè náà, owó iṣẹ́ á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ wá àtẹ owó iṣẹ́ méjèèjì. Pẹ́ńsù ni mo fi ń dà á kọ sórí páálí kékeré, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè yí i padà nígbàkúgbà. Páálí tún dára ju àwòrán inú fóònù lọ, torí pé bí ẹ bá wà láàárín kóòdù tí ẹ tẹ̀, tí ẹ sì lọ wo nǹkan mìíràn, kóòdù náà lè parẹ́ mọ́ yín lójú. Fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí a sọ pé owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ 10 títí dé 1,000, ó jẹ́ 30 láti 1,001 dé 5,000, ó sì jẹ́ 60 láti 5,001 dé 20,000. Owó ìgbàjáde jẹ́ 20, 50 àti 110 ní àwọn ìpele kan náà.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá yín bá nílò 5,000 lọ́wọ́, owó ìgbàjáde 5,000 jẹ́ 50, nítorí náà 5,050 ni ó gbọ́dọ̀ wọ inú àpò rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣìṣe. Wọ́n á padà lọ wo owó ìfiránṣẹ́ 5,000, wọn á rí 30, wọn á sì fi 5,080 sínú àpò tiwọn. Ṣùgbọ́n 5,000 kọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ mọ́. 5,050 ti bọ́ sí ìpele kẹta, owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 60, nítorí náà 5,110 ni àpò wọn gbọ́dọ̀ ní. Fóònù á dá wọn lóhùn pé owó wọn kò tó. Inú ìkánjú ni wọ́n á wá dín in kù sí 5,000, ìyá á sì gba 4,950 péré bí aṣojú bá ní ṣẹ́ńjì 50 tó wà lórí 4,900.

Àwọn mìíràn ń ṣe àṣìṣe òdìkejì. Wọ́n á wo owó ìgbàjáde 5,050, wọn á rí 110, wọn á sì fi 5,110 ránṣẹ́. Síbẹ̀, 5,000 náà ni ìyá lè gbà jáde, nítorí pé iye tó ń gbà ni a fi ń mọ ìpele, a kì í wo iye tó wà nínú àpò. Láti gba 5,001, ó nílò 5,111. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín 5,050 sí 5,110 nínú àpò rẹ̀ kò lè fi ẹyọ kan kún owó ọwọ́ rẹ̀. Inú fóònù ni àfikún náà yóò jókòó sí.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí mo máa ń lò ní ẹ̀bá òkè ìpele. Ẹ fi 5,000 ránṣẹ́ pẹ̀lú 30, kí ẹ sì tún fi 50 ránṣẹ́ pẹ̀lú 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,090 dípò 5,110, ìyá á sì gba 5,000 jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ yín gba kí a fi iye kékeré bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má ṣe pín ìgbàjáde ní tirẹ̀: bí ìyá bá gba 1,000 lẹ́ẹ̀márùn-ún, 100 ni yóò san dípò 50.

Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, ẹ ka iye owó iṣẹ́ tí ojú fóònù bá gbé jáde, kí ẹ fi wé ti páálí. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ dá a dúró, torí ó lè jẹ́ pé àtẹ ti yí padà, tàbí pé ẹni tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí kò ní àpò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, èyí tó sábà máa ń ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá yín, kí ẹ sọ fún un pé 5,000 ni kí ó ní kí aṣojú san, kí ó má ṣe sọ pé kí wọ́n san gbogbo ohun tó wà nínú àpò. Bí ìṣirò bá pé, iye tó ṣẹ́kù nínú àpò rẹ̀ yóò jẹ́ 0.