Táàpù ló ń yọ wá lẹ́nu, wáyà inú ẹ̀ ò jó

Tíráńsífọ́mà 500 kVA kan ní Bódìjà, 11 kV sí 415 V, ló ń ta pàrà-pàrà tí lóòdù bá ti pọ̀, wọ́n ní wáyà inú ẹ̀ ti jó. A paná, mo wọn réṣíò, ìyẹn 11 kV pín sí fọ́tééjì féèsì kan sí níútírà lápá 415 V, bíi 239.6 V, féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú 45.9, bó ṣe yẹ nìyẹn, torí tí wáyà bá ti jó lẹ̀ mọ́ra, réṣíò féèsì yẹn á yí, kọ́rẹ́ǹtì tí tíráńsífọ́mà ń fà lára ẹ̀rọ ìwọ̀n á sì ga. Mo wá wọn rẹsísítáǹsì lápá 11 kV, mo ní sùúrù títí nọ́ńbà fi dúró: 3.2, 3.2, 3.6 ọ́ọ̀mù. Ẹnu táàpù, súìṣì tí wọ́n fi ń yí fọ́tééjì tíráńsífọ́mà, ti dọ̀tí nìyẹn, réṣíò ò lè rí i torí kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀ kéré. Mo yí táàpù lọ bọ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun nígbà mẹ́wàá, mo tún un wọ̀n, gbogbo ẹ̀ di 3.1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iná tí ìwọ̀n rẹsísítáǹsì kó sínú wáyà tán kẹ́ ẹ tó yọ kílíìpù ẹ̀rọ ìwọ̀n o.