Bí a ṣe ń kọ ẹ̀sùn owó ìlú mọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ láì kó sínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n mú agbẹjọ́rò Délé Fárótìmí l'Ékòó, wọ́n gbé e wá sí Adó-Èkìtì, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ kàn án nítorí ohun tó kọ nípa Olóyè Afẹ́ Babalọlá. Ó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ látìmọ́lé kí béèlì tó jáde. Wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà lọ́dún 2025. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ̀wé ní Èkìtì kò gbọdọ̀ rò pé owó gbà-máà-bínú nìkan ló lè bá òun. Ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé kànga ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ní àwọn ṣe sí àdúgbò yín, ₦18,000,000 ló wà lórí pátákó iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kọnkéré pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀. Inú ń bí yín, ẹ sì kọ ọ́ pé: "Alága ti kó owó kànga wa jẹ."

Kọ́kọ́ tú gbólóhùn yẹn palẹ̀. Kí lẹ fojú rí? Pátákó àti kọnkéré. Kí ni ìwé fi hàn? Kò tíì sí. Pé alága ló kó owó jẹ, èrò yín ni. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Lábẹ́ apá 135 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, bí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn bá di ohun tí ilé ẹjọ́ fẹ́ yanjú, ì báà jẹ́ nínú ẹjọ́ gbà-máà-bínú lásán, kí ẹni tó sọ ọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì ni òfin ń wá. Ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù yẹn, kì í ṣe alága. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé owó jáde, kànga kò sí, ẹ̀rí tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa tó.

Lẹ́yìn náà, wá ìwé. Òfin tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba wà láti ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì sọ lóṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ béèrè fún ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó parí, àti fáọ́ṣà owó tí wọ́n san. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Nígbà tí fáọ́ṣà bá dé, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i dáadáa. Ó lè jẹ́ pé orúkọ alága kò sí níbẹ̀ rárá, pé akápò àti ọ̀gá òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti kọ "alága kó o jẹ" ṣáájú ti di ẹlẹ́jọ́.

Wàyí o, tún un kọ. Bí àpẹẹrẹ: "Fáọ́ṣà tí a rí gbà fi hàn pé wọ́n san ₦12,000,000 fún agbaṣẹ́ṣe ní oṣù Kẹta. Nígbà tí a débẹ̀ lóṣù Keje, kọnkéré pẹlẹbẹ nìkan la bá. A béèrè lọ́wọ́ alága, kò tíì dáhùn." Àdúgbò á mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè, ẹ kò sì pe ẹnikẹ́ni lólè.

Àwọn kan máa ń fi "wọ́n ní" bẹ̀rẹ̀. Kò lè gbà yín, nítorí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ èké sọ jẹ̀bi bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìbéèrè, ìyẹn pàápàá kò lè gbà yín: "Ṣé kì í ṣe pé alága jẹ owó yìí?" Ohun tí ẹni tó kà á máa gbọ́ nínú rẹ̀ ni adájọ́ máa wò. Bí ẹ bá sì yọ orúkọ kúrò, tí gbogbo ìlú mọ ẹni tí ẹ ń sọ, orúkọ wà níbẹ̀ náà ni.

Ẹ fún alága láyè láti fèsì. Ẹ kọ ìbéèrè pàtó ránṣẹ́, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé yín. Bí ó bá ní wọ́n gbé kànga náà lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó tẹ nǹkan kan jáde.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń fi ìwé ẹ̀sùn yín ránṣẹ́ sí. Òfin ń dáàbò bo ìwé ẹ̀sùn tí a fi òtítọ́ inú kọ sí àjọ tó ní iṣẹ́ láti gbọ́ ọ, bíi ICPC tàbí EFCC, kódà bí àṣìṣe kékeré bá wà nínú rẹ̀. Ààbò yẹn lè bọ́ bí ẹ bá ju ẹ̀dà rẹ̀ sórí Wasáàpù fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, tàbí bó bá hàn pé ìkùnsínú lẹ fi kọ ọ́. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń kọ sí ICPC lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí ẹ tọ́jú fọ́tò kànga pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á.

Bí lẹ́tà lọ́yà bá dé lẹ́yìn náà, ẹ má fèsì fúnra yín, ẹ má sì pa fáìlì kankan rẹ́. Ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò. Bí gbólóhùn kan bá sì jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́, ẹ tètè ṣàtúnṣe rẹ̀ níbi tí ẹ ti kọ ọ́, kí àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ lè rí i.