Bí a ṣe ń ṣa ohun tó kàn wá nínú PESTLE: àpẹẹrẹ Gánà

Ká sọ pé iléeṣẹ́ kékeré kan ní Èkó, tó ń bá àwọn ọlọ́jà gba owó lórí fóònù, fẹ́ wọ Gánà. Wọ́n jókòó ṣe PESTLE, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tó wà níta tó lè kan iṣẹ́ wọn: òṣèlú, ọrọ̀ ajé, àwùjọ, ìmọ̀ ẹ̀rọ, òfin, àyíká. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ogójì nǹkan ti wà lórí ìwé. Báwo la ṣe máa ṣa èyí tó kàn wọ́n?

Kọ́kọ́ kọ ohun tí o ń tà sókè ìwé ní gbólóhùn kan. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ wo owó orí tí wọ́n ń pè ní Í-lẹ́fì, tí Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní oṣù Karùn-ún 2022. Ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni nígbà yẹn, lórí iye tó bá lé ní ọgọ́rùn-ún sídì nínú owó tí èèyàn fi fóònù ránṣẹ́ lóòjọ́. Ẹni tó fi 300 sídì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ máa san sídì 3. Bí iléeṣẹ́ tó ń bá a fi owó ránṣẹ́ bá ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sídì 3 nìyẹn náà. Iye tó ń jáde lápò oníbàárà di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ owó tí a bá san fún ọlọ́jà tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí sílẹ̀. Fún iléeṣẹ́ tiwa, ìbéèrè yí padà: mélòó nínú àwọn ọlọ́jà wa ló forúkọ sílẹ̀?

Lẹ́yìn náà, bi nǹkan kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tó ti máa dùn wá: ṣé ó lè gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣé ó máa jẹ èrè wa, àbí ó máa dín iye ìgbà tí wọ́n ń san owó kù? Èyí tí kò bá kan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, pa á rẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ àyíká máa ń lọ níbí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Wá wo ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé Í-lẹ́fì ní 2025, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń dà kọ. Yọ ọ́ kúrò lára ìnáwó, ṣùgbọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa ka ìsúná ìjọba Gánà lọ́dọọdún, nítorí ibẹ̀ ni irú ẹ̀ ti ń jáde.

Ní ti òfin, nǹkan kan ló yẹ kó wà lókè pátápátá: òfin 987 ti ọdún 2019, èyí tó wà fún ètò ìsanwó ní Gánà. Lábẹ́ rẹ̀, Báńkì Gánà ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ó sì fẹ́ kí ọmọ Gánà ní ó kéré tán ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìpín iléeṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ti pín ìpín tán fún àwọn olówó ní Èkó kí ẹ tó mọ̀, ẹ máa tún un pín ni. Lọ́yà kan ní Àkárà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe àwọn tó máa kọ áàpù.