Kápíṣọ̀n "kọ́ńpìnnì wa ti dé ibi báyìí": ohun tẹ́ ẹ̀ ń bi mí ṣáá

"Ṣé kí n fi 'inú mi dùn láti kéde pé' bẹ̀rẹ̀?"

Rárá. Lórí Instagram, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré lèèyàn máa rí kó tó di pé ó tẹ "more", ẹ wá fẹ́ ná nínú ẹ̀ sórí inú yín tó dùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.

"Tí n bá ní èmi tí mi ò já mọ́ nǹkan kan, ṣé kò ní dà bíi fáàrí mọ́?"

Fáàrí tó wọ àkísà ni, wọ́n á dá a mọ̀. Ẹ yọ ọ́.

"Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ mi, kí ló tún kù?"

Ẹ sọ nǹkan kan tí ẹnì kan nínú wọn ṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun jáde o.

"Mi ò fọ́nnu, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ṣófo ni."

Èyí ló fojú mi rí màbo. Màdáámù kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, tó tún ń tà lórí fóònù, ní kí n bá àwọn kọ ọ́ pé àwọn ti ní kọ́sítọ́mà 1,000. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo yọ àdúrà kúrò, mo tún dá a padà, kò ṣáà dùn. Ni mo bá ní kí wọ́n gbé ìwé ọjà wá. Háà! 1,000 yẹn kì í ṣèèyàn, iye ìgbà tí wọ́n rajà ni, ẹni tó rà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wọ́n ti kà á bí èèyàn mẹ́fà. A wá ka nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a yọ àwọn tó dá ọjà padà, ó ku 380.

Ojú màdáámù fà ro, "ṣé a ò ní pósítì mọ́ nìyẹn?" Mo ní ẹ ní sùúrù mà, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó padà wá nínú wọn. Ó jẹ́ 210! Bá a ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Èèyàn 380 ló ti ra àdìrẹ lọ́wọ́ wa, 210 nínú wọn ló padà wá. Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ bi wá bóyá aró ẹ̀ máa ṣí. A máa ń ṣan aṣọ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ ká tó dì í, ìdí nìyẹn tí ọjà wa fi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, a ò sì tíì rí ọgbọ́n tá a máa dá sí i."

Kò sí "tó dára jù lọ" níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá kà á mọ ìdí tí wọ́n fi ń padà wá, ó tún mọ ohun tó ń ná wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ṣófo, ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì rọ́pò tiyín nínú ẹ̀. Tó bá ṣì bá a mu, ẹ padà sídìí ìwé ọjà, ẹ yé ṣàtúnṣe gírámà.

"Ẹnì kan fowó sí bísínẹ́ẹ̀sì wa, ṣé kí n sọ iye ẹ̀?"

Ẹ gbé àdéhùn fún lọ́yà kó kà á kẹ́ ẹ tó pósítì ohunkóhun, torí àwọn míì tó ń fowó sí bísínẹ́ẹ̀sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn. Tówó ò bá sì tíì wọ àkáǹtì, ẹ pa fóònù yẹn tì.